Kí ẹ tó sanwó táyà ní Ládípọ̀: bí a ṣe ń ka nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin pè mí láti ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Ó fẹ́ ra táyà mẹ́rin sí Kòrólà 2005 rẹ̀, ọlọ́jà sì ti gbé oríṣi méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Tuntun ni méjèèjì, ìwọ̀n kan náà sì ni wọ́n, 195/65R15.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n mú èyí tó ní 640, pé òun ló máa pẹ́ jù. 420 péré ló wà lára ìkejì. Ṣé kí n sanwó?"

Mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì kó fi ránṣẹ́. Ohun tí mo kà nìyí:

```
TREADWEAR 640 TRACTION B TEMPERATURE B
TREADWEAR 420 TRACTION A TEMPERATURE A
```

Mo ní kó dá owó rẹ̀ dúró ná. Ọlọ́jà yẹn ò parọ́, 640 wà lára táyà náà lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì kà fún un. Èyí tó kà náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń wakọ̀ bíi tirẹ̀. Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù ni mo ṣe fẹ́ tò ó síbí. Kò bá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára táyà mu, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra táyà ní Èkó máa wò ó nìyẹn.

Ẹni tó ń kọ ọ́, àti táyà tí kò kàn

Òfin Amẹ́ríkà ló bí àmì mẹ́ta yìí. Ní 1966 ni wọ́n ṣòfin ààbò ọkọ̀ tó ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí ẹni tó ń ra táyà yóò fi lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ó tó ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà kí àmì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára táyà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ojú táyà ṣe ń yára jẹ sí. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ti TRACTION, ń sọ bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú nígbà tí a bá tẹ bíréékì. Lẹ́tà ìkẹyìn, ti TEMPERATURE, ń sọ bó ṣe ń fara da ooru.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń dán an wò bí òfin ṣe là á sílẹ̀, òun náà ló sì ń kọ máàkì sára ọjà ara rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ló jókòó tó ń fún táyà ní máàkì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a nígbà tí a bá dé orí nọ́ńbà jíjẹ.

Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ni òfin náà kàn. Táyà dánfó tí wọ́n kọ lẹ́tà C sí ẹ̀yìn ìwọ̀n rẹ̀, irú 195R15C, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni táyà tí wọ́n kọ LT sí lára, táyà yìnyín, àti sípíà kékeré tí a kàn fi ń dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Táyà tí wọn ò ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà náà lè ṣàì ní i. Nítorí náà, bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ táyà tí ẹ ò rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ẹ má yára pè é ní ayédèrú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn ò fún un ní máàkì, ẹ ò sì ní ohun tí ẹ lè fi wé òmíràn lọ́nà yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ orí rẹ̀

Ọjọ́ orí kò sí nínú àmì mẹ́ta náà rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tí táyà wà ní tuntun ni wọ́n fún un ní máàkì. Kò sí ohun tó ń tún máàkì ọ̀hún ṣe bí rọ́bà ṣe ń gbó lọ. Táyà tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú oòrùn yóò ṣì máa jẹ́ A, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà púpọ̀ ló tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni tiyín. Bó bá jẹ́ `2319`, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sábà máa ń wà. Bí ẹ bá rí DOT tí ẹ ò rí mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, ẹ yí táyà náà padà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ọlọ́jà ò bá fẹ́ kí ẹ yí i, ẹ ṣáà yí i.

Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe táyà ni àjọ SON àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń sọ fún wa ní Nàìjíríà. Nítorí náà, táyà tí wọ́n pè ní tuntun, tó ti jókòó fún ọdún méjì àtààbọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọdún kan àtààbọ̀ péré ló kù fún yín nínú rẹ̀. Owó táyà ọlọ́dún mẹ́rin ni wọn yóò sì gbà lọ́wọ́ yín.

Èmi náà kọ́ ọ nínú ìrora. Mo ra tòkunbọ̀ méjì nígbà kan, 560 A A ni wọ́n, ojú wọn ṣì jinlẹ̀, wọ́n sì ti fi pólíìṣì pa á dúdú, ó ń dán. Mi ò yí i wò. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi lọ́nà Ìbàdàn, nítòsí Ìbafò. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé rọ́bà ojú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára wáyà tó wà nísàlẹ̀, ó gbé e sókè bíi kókó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìkúùkù mi. Ibẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka DOT: ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 2009. Táyà náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí mo sanwó rẹ̀. A A yẹn ṣì wà lára rẹ̀ ketekete.

Bí ẹ ti wà nídìí táyà náà, nǹkan méjì kan tún wà tí máàkì ò lè fi hàn yín, tí wọ́n sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Èkíní ni táyà tí wọ́n kì bọ inú ara wọn kí wọ́n lè kó púpọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan. Wọ́n lè fipá ti táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ọ̀kan. Ó ń ba ètè táyà jẹ́, ìyẹn ibi tó ń jókòó sára rìmù, ó sì ń ṣẹ́ okùn inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tuntun ìbáà jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tọ ètè náà yípo. Bó bá tẹ̀, tó ká bí ẹni pé wọ́n ṣẹ́ ẹ, tàbí tí ẹ rí ilà ìṣẹ́po kan nínú ikùn rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Èkejì jẹ́ ti tòkunbọ̀. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná tún kòtò ojú táyà tó ti pá gbẹ́ kó lè jọ pé ó ṣì jìn. Bí ẹ bá wo inú kòtò táyà, ẹ ó rí àwọn òkè kéékèèké tó dábùú rẹ̀ níbi mélòó kan. Òkè yẹn ló ń fi hàn pé táyà ti tán: nígbà tí ojú táyà bá jẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mìlímítà 1.6 péré ló kù. Táyà tí wọ́n tún gbẹ́ kì í ní òkè wọ̀nyí mọ́, torí irin náà ti gé wọn lọ. Ẹ lè rí òwú tàbí wáyà tó ń yọjú nísàlẹ̀ kòtò náà pàápàá.

Lẹ́tà ooru: ẹ kà á pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́

A, B àti C ni lẹ́tà ooru. Nínú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń yí táyà náà lórí àgbá irin ńlá kan, tí wọ́n ń fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. C ni èyí tó kéré jù tí òfin gbà, ó ń fara da eré láti bíi kìlómítà 137 sí 160 ní wákàtí kan. B dé 185. A ju 185 lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ta ló ń sá 185 láàárín gósìlóò Èkó? Òótọ́ ni, kò sí. Bí eré nìkan bá ni ọ̀ràn náà, C ì bá tó gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ń dán táyà yẹn wò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé bó ṣe yẹ, ẹrù orí rẹ̀ ò sì kọjá ààlà. Táyà wo ló ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́nà wa?

Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ máa ká a lọ ká a bọ̀ kíákíá lójú kan. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ yóò gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni ibi tó kan ilẹ̀ ń tẹ̀ tó sì ń nà padà. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ó ń tẹ̀ jù, ooru ń pọ̀ sí i. Ẹ wá fi èèyàn márùn-ún àti àpò ìrẹsì méjì sínú ọkọ̀, lórí ọ̀dà tí oòrùn ọ̀sán ti yan, lójú ọ̀nà tó já geere láti Bẹ́jà lọ. Táyà ọ̀hún kò nílò 185 kó tó gbóná dé ibi tí rọ́bà ń já kúrò lára wáyà. Bí mo ṣe máa ń ka lẹ́tà yìí nìyẹn: A ń fún yín láyè láti ṣàṣìṣe díẹ̀ ju B lọ, B ju C lọ. Kò sí lẹ́tà tó ń gba táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tó bá lẹ́tà ooru rìn ni kí ẹ mọ iye afẹ́fẹ́ ọkọ̀ yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀. Ti àbúrò mi kọ 30 PSI. Iye tó wà lára táyà, 44 tàbí 51, kì í ṣe iye tó yẹ kí a fẹ́ sí i. Iye tí táyà náà ò gbọdọ̀ kọjá láéláé ni. Mo ti rí fọkanáísà tó ń fi 44 fẹ́ táyà oníbàárà torí pé ó kà á lára táyà. Irú táyà bẹ́ẹ̀ máa ń le bí òkúta, àárín ojú rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ.

Ẹ ra gééjì tiyín, kò wọ́n. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, nígbà tí táyà ṣì tutù. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn àjò, yóò fi iye tó ga hàn nítorí ooru, bí ẹ bá sì tú u sílẹ̀ nígbà yẹn, ó di pé afẹ́fẹ́ ò ní tó nígbà tó bá tutù.

Lẹ́tà dídilẹ̀mú: èyí ni mo fi sanwó jù

AA ló ga jù nínú rẹ̀, A tẹ̀ lé e, B, lẹ́yìn náà C. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò rèé: wọ́n de táyà mọ́ tírélà kékeré kan, wọ́n wọ́ ọ ní eré bíi kìlómítà 64 ní wákàtí kan lórí títì ọlọ́dà tí wọ́n bu omi sí, àti lórí kọnkéré tí wọ́n bu omi sí. Wọ́n wá ti bíréékì pa pátápátá kí táyà má lè yí mọ́. Bó ṣe ń fi ojú wọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń ka agbára tó fi ń lọ́ mọ́ títì.

Nọ́ńbà ni wọ́n ń rí, òun ni wọ́n wá ń sọ di lẹ́tà. Lórí títì ọlọ́dà, táyà A gbọ́dọ̀ ju 0.47 lọ, B gbọ́dọ̀ ju 0.38 lọ, AA ju 0.54 lọ. Ká ṣírò ohun tí ìyẹn lè jẹ́ ní ojú títì. Bí ọkọ̀ bá ń sá 64 tó sì ti bíréékì pa, èyí tó ní 0.47 yóò wọ́ bíi mítà 34 kó tó dúró. Èyí tó ní 0.38 yóò wọ́ bíi mítà 42. Mítà mẹ́jọ ló wà láàárín wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn Kòrólà méjì. Ẹni tó bá ti bá òjò oṣù kẹfà pàdé lórí afárá Tádì Méńlándì, tí iná bíréékì gbogbo ọkọ̀ iwájú tàn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò mọ ohun tí gígùn ọkọ̀ méjì jẹ́.

Ìṣírò ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ sí ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ ni mo ṣe yẹn o. Táyà B tó wà lókè pátápátá nínú B lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí A tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Lẹ́tà ò fi ìyẹn hàn yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò fi hàn. Táyà tí bíréékì ti pa, tó ń wọ́ lọ tààrà, ni wọ́n wọ̀n. Wọn ò wọ̀n bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń gba kọ́nà. Bí ọkọ̀ yín bá ní ABS, táyà yín ò tilẹ̀ ní ti pa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréékì, torí iṣẹ́ ABS ni pé kó má jẹ́ kó ti. Agbára tí táyà ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ní nígbà tó ń wọ́. Ìkejì yìí nìkan ni lẹ́tà ń sọ.

Èyí tó ká wa lára jù ní Èkó ni omi tó dúró. Omi tí wọ́n wọ́n sí títì nínú àyẹ̀wò fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó kàn jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Agbárá tó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ afárá lẹ́yìn òjò ńlá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Níbẹ̀, bí kòtò ojú táyà ò bá lè tètè fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀, táyà yóò gun orí omi, ìdarí yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì, bíréékì ò sì ní rí ilẹ̀ dìmú. Jíjìn kòtò ojú táyà àti eré yín ló ń pinnu ìyẹn. Táyà tuntun máa ń jìn tó bíi mìlímítà mẹ́jọ. Táyà AA tó ti jẹ dé méjì yóò gun omi kí táyà B tuntun tó gùn ún. Èmi kì í dúró de 1.6 tí òkè kéékèèké yẹn ń tọ́ka sí. Tó bá ti ku mẹ́ta, tí òjò sì ń bọ̀, mo ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà jíjẹ: ẹ fi ṣe ìkẹyìn

Nọ́ńbà tí ọlọ́jà fẹ́ràn jù wá kù. Bí wọ́n ṣe ń rí i ni pé wọ́n ń fi ọkọ̀ mélòó kan tẹ̀ lé ara wọn rìn lójú ọ̀nà gbangba ní agbègbè San Angelo ní Tẹ́ksáàsì. Ọ̀nà náà jẹ́ bíi kìlómítà 640, wọ́n ń yí i ká títí tí wọn ó fi rin bíi kìlómítà 11,600. Táyà kan wà láàárín wọn tó jẹ́ òṣùwọ̀n, òun ni wọ́n fi ń wé àwọn yòókù. Táyà tó bá dọ́gba pẹ̀lú ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 100. Èyí tó bá jẹ ní ìdajì bó ṣe yá ìyẹn ni 200. Nítorí náà, 640 kì í ṣe kìlómítà, kì í sì í ṣe oṣù.

Ẹ tún wo kìlómítà 11,600 yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó wa táyà náà títí ó fi pá. Díẹ̀ tó jẹ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n fi ìṣírò mọ ìyókù. Ilé iṣẹ́ tó ni táyà ló wá ń pinnu nọ́ńbà tí yóò kọ. Ọ̀kan lè kọ iye tó rí gan-an, òmíràn lè kọ ohun tó kéré sí i. Nítorí èyí, bí mo bá rí 640 lára táyà ilé iṣẹ́ kan àti 420 lára ti òmíràn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti àkọ́kọ́ yóò pẹ́ ju ti kejì ní ìlọ́po kan àtààbọ̀. Láàárín táyà méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ni nọ́ńbà yìí ti ń sọ̀rọ̀ tó ṣe é gbọ́kàn lé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mú un wúlò. Ẹ sọ ọ́ di tiyín. Ká ní táyà ilé iṣẹ́ kan, 400, bá yín rin kìlómítà 36,000 lórí ọkọ̀ yín, lójú ọ̀nà yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra 500 ilé iṣẹ́ yẹn kan náà, ẹ lè retí bíi 45,000. Ìṣírò yìí dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé kòtò Ìkòtún àti gósìlóò Ọ̀shódì ti wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ ò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ wọn jíjìn ojú táyà lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ kọ kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ká ní mẹ́jọ ni. Lẹ́yìn kìlómítà 10,000, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ó ku 6.4. Ó ti jẹ 1.6. Láti 6.4 dé mẹ́ta, 3.4 ló kù fún yín láti lò, ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 21,000. Ojú mẹ́ta ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, inú, àárín àti ìta. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, afẹ́fẹ́ ò tó. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláínímẹ́ǹtì. Aláínímẹ́ǹtì tó ṣẹ́ lè jẹ táyà 640 tán lọ́dún kan.

Bí a ṣe parí ti àbúrò mi

Mo bi í léèrè ìrìn rẹ̀. Ó ń lọ láti Ògúdù sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Màrínà, bíi kìlómítà 40 lọ-bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí a bá kà á sí àádọ́ta ọ̀sẹ̀, 10,000 nìyẹn lọ́dún. A fi 2,000 kún un fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá. Ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ bíi 48,000.

Lẹ́yìn náà mo ní kó wo táyà àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ọkọ̀ rẹ̀, kó ka DOT rẹ̀, kó sì wọn ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni, ó ṣì ku mìlímítà 3.5, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sán wínníwínní bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdáhùn wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí ló pa táyà yẹn, kì í ṣe jíjẹ. Bó bá mú 640, gbogbo ohun tó fi ju 420 lọ ni yóò gbé jù nù pẹ̀lú rọ́bà tó ti gbó. Ohun tí yóò sì fi gbà á ni B dípò A, lójú ọ̀nà tó ń gba orí afárá kọjá nínú òjò lójoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ àbúrò wa ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti àárọ̀ dé alẹ́ ni, ìmọ̀ràn mi ì bá yàtọ̀ díẹ̀. Kìlómítà 180 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti lé ní 50,000 lọ́dún. Òun yóò jẹ táyà tán kí ọjọ́ orí tó dé bá a, nọ́ńbà jíjẹ sì jẹ́ owó gidi lójú tirẹ̀. Síbẹ̀, láàárín táyà tó ní A nínú dídilẹ̀mú ni mo máa ní kó ti wá nọ́ńbà tó ga.

Àbúrò mi mú 420 A A. Kó tó sanwó, ó yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta bára mu, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Ìkẹrin fi ọdún méjì dàgbà jù wọ́n lọ. Ó fà á jáde, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ bá mi pààrọ̀ èyí." Ọlọ́jà wo DOT, ó wo ojú rẹ̀, kò jiyàn, ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí wọ́n de gbogbo rẹ̀ tán, fọkanáísà fẹ́ ẹ dé 40 nítorí ó fẹ́ kí ètè táyà jókòó dáadáa sára rìmù, ó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kìlọ̀ ìyẹn fún àbúrò mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ó tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi gééjì tirẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí wọ́n tutù, ó tú wọn sílẹ̀ dé 30, ó sì kọ mìlímítà 8 àti kìlómítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn ìwé rìsíìtì.